Bí a ṣe ń mọ ohun tí àwọn ọ̀gá àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti mọ̀, kí a tó bá wọn sọ̀rọ̀ bátìrì lítíọ́ọ̀mù

Ìpàdé tí àwọn ọ̀gá àti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá jọ jókòó sí máa ń le fún ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé owó wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi sípánà di orí bátìrì náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá jinlẹ̀ dé ibi tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń fẹ́, ọ̀gá á bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Bí ẹ bá sì fi ṣeréṣeré sọ ọ́ kí ọ̀gá lè gbọ́, oníṣẹ́ ẹ̀rọ á ka yín sí ẹni tó wá tajà, kò sì ní fetí sílẹ̀ mọ́ títí tí ẹ ó fi parí. Ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ́ sí àárín, a ó sọ ohun gbogbo díẹ̀díẹ̀. Lójú tèmi, èyí ló burú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò sẹ́ni tó máa rí ohun tó tó lò gbà lọ sílé.

Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ mọ ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan ti mọ̀ kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀. N ó fi àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé ẹnu lásán kò lè gbé e.

Ká ní ilé ìwòsàn aládàáni kan wà ní Ìbàdàn tó ní ẹ̀ka mélòó kan. Ìnfátà 10 kVA ló ń gbé ẹ̀ka tó tóbi jù lóru, bátìrì asídì mẹ́rìndínlógún ló sì wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 12 V 200 Ah, wọ́n so wọ́n ní mẹ́rin-mẹ́rin kí ó lè jẹ́ 48 V. Àwọn bátìrì yìí ti gbó. Wọ́n fẹ́ fi bátìrì lítíọ́ọ̀mù méjì rọ́pò wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 51.2 V 200 Ah. Ẹrù tó wà lórí ìnfátà lóru, ìyẹn fìríìjì oògùn, iná wọ́ọ̀dù, fáànù àti kọ̀ǹpútà, kò ju 2 kW lọ. Wọ́n ní kí ẹ wá bá èèyàn mẹ́rìnlá sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ààbọ̀: ọ̀gá márùn-ún, oníṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́sàn-án.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ohun tí oníkálukú máa ṣe lẹ́yìn ìpàdé

Ẹ má ì tí ì bèèrè ohun tí wọ́n mọ̀. Ẹ bèèrè ohun tí wọ́n máa fi ọwọ́ ara wọn ṣe lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí ìmọ̀ tí kò kan iṣẹ́ wọn kò yẹ kí ó gba ààyè lọ́wọ́ yín, yálà wọ́n ní in tàbí wọn kò ní in.

Nínú àpẹẹrẹ wa, olùdarí ilé ìwòsàn máa buwọ́ lu rírà náà tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Oníṣírò owó máa fi iye rẹ̀ wé ti dísù. Alákòóso ọ́fíìsì ló máa tọ́jú ìwé gàráńtì. Olórí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ló máa tún ìnfátà ṣètò kí wọ́n tó so bátìrì tuntun mọ́ ọn. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru ni yóò sì máa ka ohun tó wà lójú rẹ̀, tí wọ́n á máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Tí ẹ bá wo iṣẹ́ wọ̀nyí dáadáa, ohun mẹ́rin péré ló yọ. Èkíní ni ìyàtọ̀ láàárín agbára ìnfátà àti iye iná tó wà nínú bátìrì. Èkejì ni ìwọ̀n tí a lè lò nínú bátìrì kọ̀ọ̀kan láìba á jẹ́. Ẹ̀kẹta ni pé fóltì kò lè sọ bí lítíọ́ọ̀mù ṣe kún tó. Ẹ̀kẹrin ni ètò ìgbanásí, àti ohun tó lè ba gàráńtì jẹ́. Ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, orúkọ àwọn kẹ́míkà rẹ̀, ìtàn ẹni tó ṣe é, kò sí èyí tó wà lára rẹ̀. Ó máa ń dùn wá láti sọ wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò fi wọ́n ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ẹ ka ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀

Ipò ẹni kì í sọ ohun tó mọ̀. Oníṣírò owó lè ti kọ́ ẹ̀kọ́ iná mànàmáná kí ó tó yí sí ìṣírò, ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù sì lè máa bá èèyàn so lítíọ́ọ̀mù nílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ kì í parọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ tọrọ nǹkan mẹ́ta: ìwé tí wọ́n fi ń ṣàkọsílẹ̀ jẹnẹrétọ̀ àti ìnfátà, ìwé tí wọ́n fi béèrè owó fún rírà náà, àti ìbéèrè èyíkéyìí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ẹni tó fẹ́ tà á fún wọn.

Ká ní ìwé àkọsílẹ̀ náà ní òpó kan tí wọ́n pè ní V, tí wọ́n ń kọ 50.6, 49.9, 49.2 sí ní wákàtí méjì-méjì. Ẹ ti mọ ohun ńlá kan. Fóltì ni wọ́n fi ń mọ̀ pé bátìrì ń tán lọ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Fún asídì, ó dára: bátìrì 12 V tó kún tó sì ti sinmi máa ń wà ní nǹkan bí 12.7 V, èyí tó jẹ́ 50.8 V fún mẹ́rin. Tó bá ku ìdajì, ó máa ń wà ní bíi 12.2 V. Àṣà tó ti mọ́ wọn lára yìí gan-an ni yóò tàn wọ́n jẹ lórí lítíọ́ọ̀mù, ẹ ó sì rí i níwájú.

Ká ní ìwé kan náà fi hàn pé jẹnẹrétọ̀ máa ń mu lítà 2 ní wákàtí kan ní òru tí ìnfátà bá kú. Nọ́ńbà yìí wà lórí àwọn ọ̀gá. Wọ́n mọ iye lítà dísù bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ọmọ wọn. Ẹ fi pamọ́, a ó lò ó.

Ká ní ìwé ìbéèrè owó sì kọ ọ́ pé «bátìrì 10 kVA méjì». kVA ni wọ́n fi ń wọn ìnfátà, bátìrì kò ní kVA. Ẹni tó kọ ìwé náà ti da agbára pọ̀ mọ́ iye iná tó wà nípamọ́. Bí ìwé náà bá sì ti kọjá lọ́wọ́ ọ̀gá mẹ́ta láìsí ẹni tó tún un ṣe, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò rí i, tàbí kí wọ́n má ka á sí.

Ẹ bá àwọn díẹ̀ sọ̀rọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan

Ọ̀gá méjì àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta ti tó. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ bi wọ́n pé «ṣé ẹ mọ̀ nípa lítíọ́ọ̀mù?» Bẹ́ẹ̀ ni ni wọn yóò sọ, wọn kò sì purọ́. Ní 2002, Leonid Rozenblit àti Frank Keil ní Yunifásítì Yale ní kí àwọn èèyàn fi nọ́ńbà sọ bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ inú àwọn nǹkan tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́ tó, bíi síìpù aṣọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ olómi. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ láti ìgbésẹ̀ dé ìgbésẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn náà ṣàlàyé tán, tí wọ́n tún fún ara wọn ní nọ́ńbà, nọ́ńbà náà já wálẹ̀. Ẹnu àlàyé ni èèyàn ti ń mọ̀ pé òun kò mọ̀. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé.

Nílẹ̀ wa, ìdí mìíràn tún wà. Ọmọ iṣẹ́ kò ní sọ níwájú ọ̀gá rẹ̀ pé òun kò mọ nǹkan tí wọ́n ń sanwó fún òun láti mọ̀. Ọ̀gá náà kò ní bèèrè ohun tó lè dín iyì rẹ̀ kù níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́. Bí ẹ bá kó wọn jọ kí ẹ tó wádìí, ẹ̀rín àti mímì orí nìkan lẹ ó rí. Nítorí náà ni mo ṣe ní lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ níbi iṣẹ́ oníkálukú: oníṣẹ́ ẹ̀rọ nínú yàrá bátìrì, ọ̀gá nínú ọ́fíìsì rẹ̀.

Fún alákòóso, ọ̀rọ̀ náà lè lọ báyìí: «Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà tí ìnfátà kú mọ́ yín lọ́wọ́ kẹ́yìn lóru, kí ni wọ́n sọ fún yín pé ó fà á? Kí lẹ wá ṣe?» Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Bí ó bá ní, «Wọ́n ní bátìrì ti rẹ̀, mo ní kí wọ́n bá mi wo iye tí lítíọ́ọ̀mù ń lọ, wọ́n ní ti 10 kVA ló tó wa,» ẹ ti gbọ́ bí ó ṣe ń ronú. Ẹ fi ìbéèrè kan kún un: «Wákàtí mélòó lẹ rò pé 10 yẹn máa gbé wa, mà?» Ìdáhùn rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ẹ má tún un ṣe fún un níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ kọ́ lẹ wá kọ́ lọ́jọ́ náà.

Fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ: «Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Tí ẹ bá wọlé láàárọ̀, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé bátìrì ti kún? Ẹ jẹ́ kí n rí bí ẹ ṣe ń ṣe é.» Ẹ máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á yọ mítà, á wọ̀n ọ́n, á sì sọ fún yín láìbèèrè pé ẹ ní láti dúró kí ẹrù kúrò lórí rẹ̀ kí nọ́ńbà tó lè ṣeé gbà gbọ́. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn, ìgbà tí òfin kò bá ṣiṣẹ́. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn máa ń mọ òfin. Ẹni tó ti ṣe é máa ń mọ ibi tí òfin náà ti ń yẹ̀. Bí ẹ bá béèrè «kí ló fà á?» lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra, ẹ ó ti mọ irú èyí tó dúró níwájú yín.

Ìbéèrè mẹ́rin lórí ìwé kan

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ ìbéèrè kúkúrú fún gbogbo wọn. Mẹ́rin ti tó. Tó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò ní kọ ọ́ tán. Ìwé ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ẹgbẹ́ Wáàsápù, níbi tí ìdáhùn ọ̀gá á ti di ìdáhùn gbogbo ilé. Ẹ má gba orúkọ. Kí wọ́n kàn fàmì sí «owó àti ìṣàkóso» tàbí «ẹ̀rọ». Kí «n kò mọ̀» sì wà lára ìdáhùn tí wọ́n lè yàn, kí ẹ kọ ọ́ sókè níbẹ̀ pé ó ń ran yín lọ́wọ́.

Ọgbọ́n tó wà nínú irú ìbéèrè yìí ni pé kí ẹ mọ àṣìṣe tí ẹ ń wá kí ẹ tó kọ ọ́. Ìdáhùn tí kò tọ̀nà gbọ́dọ̀ sọ èrò tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún yín. Ẹ wo ìkíní:

«Ìnfátà wa jẹ́ 10 kVA. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ 2 kW. Wákàtí mélòó ni yóò gbé e?» Ìdáhùn: wákàtí 2; wákàtí 5; wákàtí 10; nǹkan kan ṣì kù ká tó lè mọ̀; n kò mọ̀.

Ẹni tó bá mú 5 ti fi 2 pín 10. Ó rò pé 10 kVA jẹ́ iye iná tó wà nípamọ́. Ẹni tó bá ní nǹkan kan ṣì kù ló gbà á, torí pé kò sí bí a ṣe lè mọ wákàtí láìmọ bí bátìrì ṣe tóbi tó.

Ìkejì: «Bátìrì tí a ní tẹ́lẹ̀, tí a bá ṣírò ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, jẹ́ yúníìtì 38. Èyí tí a fẹ́ rà jẹ́ yúníìtì 20. Ṣé wọ́n ti dín wa kù?» Ẹ ó rí i pé yúníìtì ni mo lò, kì í ṣe kWh. Ohun kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tó bá ti ra iná sórí mítà rí ló mọ yúníìtì, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ẹ máa wá irú ọ̀rọ̀ tó ti wà lẹ́nu ìhà méjèèjì báyìí, nítorí ó ń jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá èrò ni kò yé wọn tàbí orúkọ lásán.

Ìkẹta: «Mítà ka 52.8 V lórí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Báwo ló ṣe kún tó?» Ẹni tó bá fi ìmọ̀ asídì dáhùn á ní ó ti kún dáadáa, torí pé 52.8 ga ju 50.8 lọ. Lítíọ́ọ̀mù yìí ní sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, 52.8 V sì jẹ́ 3.30 V fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní àárín gbùngbùn ìlò rẹ̀, fóltì sẹ́ẹ̀lì náà kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà, nítorí náà nọ́ńbà kan náà lè bá bátìrì tó kù bí ìdajì àti èyí tó lé dáadáa sí ìdajì. Ìdáhùn tó tọ̀nà ni pé fóltì nìkan kò lè sọ ọ́. SOC tó wà lójú bátìrì, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí ó ṣe kún tó, ni kí a kà.

Ìkẹrin kan ètò: «Kí a tó so lítíọ́ọ̀mù mọ́ ìnfátà wa, kí ni ó yẹ kí a yí padà lórí rẹ̀?» Ẹ fi ààyè sílẹ̀ kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́, ẹ má fún wọn ní ohun tí wọ́n máa yàn. Òfo tí wọ́n bá fi síbẹ̀ jẹ́ ìdáhùn.

Bí a ṣe ń ka ìdáhùn wọn

Ká ní báyìí ni ó rí, tí nọ́ńbà dúró fún iye ẹni tó gbà á:

| Ìbéèrè | Ọ̀gá (5) | Oníṣẹ́ ẹ̀rọ (9) |
|---|---|---|
| 10 kVA àti wákàtí | 1 | 8 |
| Yúníìtì 38 àti 20 | 0 | 3 |
| 52.8 V | 0 | 2 |
| Ètò ìnfátà | 0 | 2 |

Ẹ má ṣe àròpọ̀ ìhà méjèèjì. Tí ẹ bá ro ìbéèrè kìíní pọ̀, ẹ ó rí mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá, ẹ ó sì rò pé ọ̀pọ̀ ló ti mọ̀ ọ́n, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó fẹ́ sanwó gan-an ni kò mọ̀.

Ẹ tún ya «n kò mọ̀» sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì í. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Lórí 52.8 V, ká ní ọ̀gá márààrún ló kọ «n kò mọ̀», tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ méje sì fi ìdánilójú kọ «ó ti kún». Àwọn ọ̀gá kò ní wàhálà níbẹ̀. Gbólóhùn kan ti tó wọn. Àwọn méje yìí ló nílò àkókò yín jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ló mọ bátìrì jù nínú ilé. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míìn. Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti máa ń ṣì í: wọ́n rò pé oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ìmọ̀ tó pọ̀, nítorí náà kí àwọn sáré kọjá. Ìmọ̀ tó pọ̀ nípa ohun àtijọ́ ló ń béèrè pé kí ẹ dúró pẹ́ jù.

Lórí ìbéèrè kìíní, ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá wá fi ìṣẹ́jú ogún ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, kì í ṣe àkókò nìkan lẹ fi ṣòfò. Slava Kalyuga, John Sweller àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ kọ ní 2003 nípa bí àlàyé tó ń ran ẹni tí kò mọ nǹkan lọ́wọ́ ṣe lè dí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lọ́wọ́, torí pé ó ní láti máa fi àlàyé náà wé ohun tó ti wà lórí rẹ̀. Nítorí náà, fífi ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ «kí gbogbo wa lè jọ wà pọ̀» kò ṣe ìhà kejì lóore.

Ìkìlọ̀ kan: èèyàn mẹ́rìnlá kéré. Ẹ má sọ ọ́ di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bèèrè dípò rẹ̀ pé, ẹni tó máa fọwọ́ kan ètò ìnfátà, ṣé òun wà lára àwọn tó gbà á? Níwọ̀n bí ìwé náà kò ti ní orúkọ, ohun tí ẹ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nínú yàrá bátìrì ni yóò sọ fún yín. Tí olórí wọn kò bá mọ ètò náà, ọ̀rọ̀ náà di dandan, bí àwọn mẹ́jọ yòókù tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ẹ wá pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa dé

Mo máa ń fún kókó kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan nínú ìwọ̀n mẹ́ta: kí a dárúkọ rẹ̀ kí a kọjá; kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀; tàbí kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é. Ìhà kọ̀ọ̀kan sì lè ní ìwọ̀n tirẹ̀ lórí kókó kan náà.

Nínú wákàtí kan ààbọ̀ wa, ìṣẹ́jú 40 àkọ́kọ́ jẹ́ ti gbogbo wọn. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni dísù, nítorí pé ó ti wà nínú ìwé tiwọn. Ẹrù 2 kW fún wákàtí 8 jẹ́ yúníìtì 16. Jẹnẹrétọ̀ ń mu lítà 2 ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 16 lóru kan. Lítà kan, yúníìtì kan. Ọ̀gá á ti gbé orí sókè. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ náà á sì gbé e, torí ó mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ dísù tó ní ẹrù tó tọ́ sí i yẹ kí ó fún un ní nǹkan bí yúníìtì 3 lórí lítà kan, àti pé ẹrù kékeré lórí ẹ̀rọ ńlá ló ń jẹ dísù náà. Ẹ ní kí ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé èyí fún àwọn ọ̀gá. Kí ẹ ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ kí ó má bà á lójijì. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ibẹ̀rẹ̀ yìí ni pé ìṣírò kan náà ni wọ́n jọ gbọ́, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí mú nínú rẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni 38 àti 20. Èyí ni ìhà méjèèjì jọ ṣì, òun ló sì lè dá rírà náà dúró, nítorí náà kí a ṣírò rẹ̀ pọ̀ lórí pátákó. Asídì: bátìrì 16, ọ̀kọ̀ọ̀kan 12 V × 200 Ah, àròpọ̀ rẹ̀ yúníìtì 38.4. Àmọ́ tí a kò bá fẹ́ kí ó tètè kú, ìdajì rẹ̀ ni a lè lò, yúníìtì 19.2. Lítíọ́ọ̀mù: méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan 51.2 V × 200 Ah, àròpọ̀ yúníìtì 20.48. A lè lo ìdá 90 nínú 100 rẹ̀, yúníìtì 18.4. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí a bá yọ ohun tí ìnfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, 2 kW yóò rìn fún wákàtí mẹ́jọ àti díẹ̀. Ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má bọ́ sórí iye ìgbà tí a lè lò ó kí ó tó rẹ̀, àyàfi tí oníṣírò owó bá béèrè. Ó wà nínú ìwé tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é kọ, ẹ fi ojú ewé náà lé e lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún gàráńtì, tí àwọn ọ̀gá mọ̀ ju àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ lọ. Kí alákòóso ka ohun tó wà nínú ìwé náà jáde fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ kò rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, wọn kò sì mọ̀ pé ṣíṣí ìdérí bátìrì tàbí fífún un ní fóltì tó ju èyí tí wọ́n kọ lọ lè ba gàráńtì jẹ́.

Àwọn ọ̀gá á wá dìde, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ á sì tẹ̀ lé yín lọ sí yàrá bátìrì fún ìṣẹ́jú 40 tó kù. Mo fi dandan lé e pé kí ọ̀gá má wà níbẹ̀. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ ni kí ẹ sọ fún ẹni tó ti ń wọn bátìrì fún ọ̀pọ̀ ọdún pé mítà rẹ̀ kò tó mọ́. Kò sẹ́ni tó máa gba irú ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa níwájú ẹni tó ń sanwó oṣù rẹ̀.

Ẹ fi ìmọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ẹ má fi àṣìṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. «Ẹ̀gbọ́n, 50.8 yín tọ̀nà lórí asídì. Ẹ jẹ́ ká wọn èyí.» Kí ó fi mítà tirẹ̀ wọn lítíọ́ọ̀mù, kí ó ka SOC lójú rẹ̀, kí ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ fi ẹrù sí i fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ẹrù kúrò, ẹ jẹ́ kí ó sinmi díẹ̀, kí ó tún wọ̀n ọ́n. SOC á ti lọ sílẹ̀, fóltì á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbi tó wà. Ojú rẹ̀ ló rí i, kò sí àríyànjiyàn mọ́.

Ètò ìnfátà ló kàn, ọwọ́ ni kí wọ́n fi ṣe é. Bulk ni fóltì tí ìnfátà fi ń fi iná kún bátìrì, Float ni èyí tó fi ń dì í mú lẹ́yìn tó bá ti kún. Àwọn nọ́ńbà tí mo máa ń fi hàn wọ́n ni wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ìwé tó bá bátìrì wá ló ní àṣẹ lórí wọn:

```
             Asídì (48 V)   Lítíọ́ọ̀mù (sẹ́ẹ̀lì 16)
Bulk         57.6 V         56.0 V
Float        54.0 V         54.0 V
EQ           ON             OFF
```

EQ ni kí ẹ dúró lé jù. Ó máa ń gbé fóltì ga kọjá Bulk láti mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì asídì dọ́gba, wọ́n sì ti kọ́ wọn pé ìtọ́jú ni. Lórí lítíọ́ọ̀mù, fóltì gíga yẹn lè mú kí BMS, ìyẹn ẹ̀rọ inú bátìrì tó ń dáàbò bò ó, já iná kúrò lójijì, ilé ìwòsàn á sì ṣókùnkùn láàárín òru láìsí pé bátìrì tán.

Ohun tó máa fi hàn yín pé ẹ ṣì í díwọ̀n

Ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín ló ń sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá bi yín ní ìbéèrè nípa orúkọ nǹkan («kí ni SOC yẹn?»), ẹ ti jìn jù fún un. Bí ó bá bi yín nípa ohun tó fẹ́ ṣe («tí a bá fi ẹ̀rọ amúlétutù kan kún un ńkọ́?»), ẹ wà níbi tó yẹ. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tó bá ń parí gbólóhùn yín fún yín ti mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ fò ó. Èyí tó dákẹ́ tó sì ń kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ láìbèèrè nǹkan kan ni kí ẹ lọ bá lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó yọ kí ẹ tó wọlé. Nínú ètò yìí, bí àkókò bá fẹ́ tán, gàráńtì ni mo máa gé kúrú, torí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ alákòóso. Iṣẹ́ ọwọ́ nínú yàrá bátìrì kò ṣeé gé.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti so ó, ẹ tún tọrọ ìwé àkọsílẹ̀ náà. Tí òpó SOC bá ti wà níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ ní gbogbo òru, ẹ díwọ̀n dáadáa. Bí ó bá jẹ́ V nìkan ni wọ́n ṣì ń kọ, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru kò sí nínú ìpàdé náà, tàbí pé wọ́n wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n kò yé wọn. Ẹ padà lọ bá wọn lóru, ní àkókò iṣẹ́ wọn, pẹ̀lú ìbéèrè kẹta yẹn nìkan.